Kí ni kí n jẹ ṣáájú bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ni kí n sì jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kí n lè sáré ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ ọdún 34 ni mí, ìwọ̀n mi jẹ́ 70 kìlógíráàmù, Ìbàdàn ni mo sì ń gbé. Ní ọjọ́ Sátidé, a máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ fún odindi 90 ìṣẹ́jú. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú bá sì mọ́, ní aago 6, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì máa ń sáré 20 kìlómítà nítorí pé a fẹ́ kópa nínú máràtọ́ọ̀nì Èkó. Àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹran ni mo máa ń jẹ ní aago 2 ọ̀sán Sátidé. Inú máa ń run mí kí a tó lọ sinmi, ẹsẹ̀ mi a sì wúwo nígbà tí a bá padà wọ pápá. Ní alẹ́, ó máa ń rẹ̀ mí débi pé tíì àti búrẹ́dì díẹ̀ ni mo ń jẹ sùn, ìrìn ni mo sì fi ń parí eré òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Kí ni kí n jẹ, ìgbà wo sì ni kí n jẹ ẹ́?

Àyìnlá Wíńgà

Ẹ̀gbọ́n, àmàlà yẹn ló ń dà yín láàmú. Oúnjẹ òkèlè kò bá bọ́ọ̀lù mu rárá, torí ó wúwo ju ohun tí ènìyàn lè gbé sáré lọ. Èmi kì í fi nǹkan kan kan ẹnu láti òwúrọ̀ ọjọ́ tí a bá máa gbá bọ́ọ̀lù. Tó bá ku nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú kí eré bẹ̀rẹ̀, mo máa ń lá glúkóòsì ṣíbí mẹ́ta, mo sì máa ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan lé e lórí. Ara mi máa ń fúyẹ́ bí ìyẹ́. Òótọ́ ni pé òòyì máa ń kọ́ mi díẹ̀ nígbà tí eré bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lọ.

Ìyá Oníbọ̀ọ̀lì

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò kàwé nípa oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ pápá ni mo ti ń sun bọ̀ọ̀lì láti ọdún 11 sẹ́yìn, mo sì mọ ẹni tó máa fi ọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ jáde. Àwọn tó bá ra bọ̀ọ̀lì pẹ̀lú ẹ̀pà ní aago 3, tí wọ́n jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró, tí wọ́n sì sáré lọ wọ bàtà, àwọn ni mo máa ń rí tí wọ́n ń gùn fẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi tí wọ́n bá wá mu omi. Aṣọ́lé kan wà tó máa ń dé ní aago 1. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dáadáa ni ó máa ń ní kí n sun fún òun, kì í gba èyí tó ṣì le, kì í sì í gba ẹ̀pà. Ó máa ń jókòó sórí àga mi, á rọra jẹ ẹ́ tán, á mu omi inú ọ̀rá kan, á sì lọ sùn sábẹ́ igi. Tí eré bá parí ni ó máa ń padà wá gba ẹ̀pà rẹ̀. Mo bi í léèrè nígbà kan, ó ní ẹ̀pà ń pẹ́ nínú òun. Ọmọ Mọ́kọ́lá, tẹ́tí sí aago tí o fi ń jẹun ju oúnjẹ fúnra rẹ̀ lọ.

Olùkọ́ Eré Sísá

Ìyá wa ti sọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọdún 26 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn àgbà ní eré sísá kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ìṣòro yìí kò sì ṣàjèjì sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n gba àmàlà sílẹ̀ lọ́wọ́ Àyìnlá. Iṣu ni àmàlà, oúnjẹ tí ń fún ara lókun ni, irú ohun tí ẹsẹ̀ yín sì nílò gan-an nìyẹn. Àwọn tó bá a wọ inú abọ́ ni kí ẹ wò. Ọ̀rá ẹran àti epo ọbẹ̀ máa ń dá oúnjẹ dúró nínú ikùn, tí kò fi ní tètè kúrò níbẹ̀. Gbẹ̀gìrì ní tirẹ̀, ẹ̀wà ni, irú ṣúgà kan sì wà nínú ẹ̀wà tí ikùn wa kò lè dà. Ìfun ńlá ni yóò ti lọ bá àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí yóò sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń sáré, ẹ̀jẹ̀ máa ń fi ikùn sílẹ̀ lọ bá ẹsẹ̀, nítorí náà oúnjẹ tí ẹ jẹ ní aago 2 máa ń jókòó síbi tó wà, á máa mì síwá sẹ́yìn pẹ̀lú yín. Ìyẹn ni inú rírun yín.

Ẹsẹ̀ tó wúwo ní ìdajì kejì, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Okun tí a fi ń sáré kíkankíkan, inú iṣan àti inú ẹ̀dọ̀ ni ara ń tọ́jú rẹ̀ sí, ìwọ̀nba tó sì wà níbẹ̀ kò ju ohun tó lè gbé ènìyàn fún wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lọ. Ní 1973, Bengt Saltin, onímọ̀ ará Súwídìn, fi hàn pé àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ìṣúra inú iṣan wọn kéré kí eré tó bẹ̀rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn gan-an ju àwọn tí tiwọn kún lọ, ilẹ̀ tí wọ́n sì kárí kò tó ti àwọn yòókù. Oúnjẹ aago 2 kò lè kún ìṣúra yẹn kí ó tó di aago 4. Ọjọ́ Ẹtì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kún un.

Ohun tí màá ṣe bí mo bá jẹ́ yín nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ jẹ iyán tàbí ìrẹsì tó yó yín dáadáa. Ní aago 12 ààbọ̀ ọ̀sán Sátidé, ẹ jẹ ìrẹsì funfun tó tó 400 gíráàmù lẹ́yìn tó ti jinná, ìyẹn àwo kan tó kún díẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí epo rẹ̀ kò pọ̀ àti ègé ẹja kan. Iṣu sísè tó ìwọ̀n kan náà dára bákan náà. Ní aago 3, ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì tó ti pọ́n, kí ẹ sì máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ á fún yín ní ohun tó lé díẹ̀ ní 2 gíráàmù oúnjẹ afáralókun lórí kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ara yín, èyí sì tó fún eré yín.

Àyìnlá Wíńgà

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Mo gbà nípa àmàlà. Ṣùgbọ́n glúkóòsì ńkọ́? Mi ò lè sọ pé kò ṣiṣẹ́ fún mi, torí mo mọ̀ ọ́n lára.

Olùkọ́ Eré Sísá

Ó ṣiṣẹ́, Àyìnlá, aago rẹ̀ ni kò tọ́. Tí ẹ bá lá ṣúgà púpọ̀ ní 40 ìṣẹ́jú sí eré nígbà tí ikùn ṣófo, ara á yára tú ohun tí ń gbé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ jáde, bí ẹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹsẹ̀ náà á tún máa fà á. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á wá já wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òòyì yín nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó máa ń ṣe, ó sì máa ń lọ láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n góòlù lè ti wọlé kí ó tó lọ. Ẹ jẹun ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ, kí ẹ wá fi ṣúgà yẹn sí ìgbà tí ẹ bá ń na ara lórí pápá, tó ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún, àti ìgbà ìsinmi.

Ọtí ẹlẹ́rìndòdò nípọn jù fún ìgbà ìsinmi. Ṣúgà inú rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 10 gíráàmù nínú 100 mílílítà, èyí sì ń mú kí ó pẹ́ nínú ikùn. Ẹ po tiyín: omi inú ọ̀rá kan, èyí tó jẹ́ ìdajì lítà, ṣúgà ṣíbí ìpo-tíì méje tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti iyọ̀ tí ìka mẹ́ta lè bù. Ẹ tọ́ ọ wò. Adùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fúyẹ́, iyọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ hàn jáde. Tó bá ti ń dùn bí ti inú ìgò, ẹ ti fi ṣúgà sí i jù.

Bàbá Ọ̀ṣọ́dì

Mo kí gbogbo ilé. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ń sọ pé kí ènìyàn jẹ ìrẹsì àti ṣúgà kí ó tó sáré. Ohun tí èmi gbọ́ ni pé ẹni tó bá sáré láìjẹun ni ọ̀rá ikùn rẹ̀ máa ń jó. Ọmọ ọdún 58 ni mí, dókítà ti sọ pé mo ní àtọ̀gbẹ, oògùn ni mo sì ń lò sí i. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń sáré wákàtí kan ní òwúrọ̀ láìjẹun, kí ikùn mi lè wọlé. Ara mi gbọ̀n lọ́jọ́ kan, òógùn tútù sì bò mí. Ṣé kí n máa fi ṣúgà sínú omi mi bí ẹ ti wí ni?

Olùkọ́ Eré Sísá

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ohun tí Ọmọ Mọ́kọ́lá béèrè kọ́ ni ti yín. Ó fẹ́ kún ìṣúra rẹ̀ fún eré kíkankíkan, ẹ̀yin sì fẹ́ kí ara fúyẹ́. Ẹ má ṣe mú ìwọ̀n tí mo kọ sókè yìí lò. Àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan wà tí ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, eré sísá náà ń fà á wálẹ̀, àìjẹun náà sì ń fà á wálẹ̀. Ara tó gbọ̀n àti òógùn tútù yẹn, àmì pé ó ti lọ sílẹ̀ jù ni. Ẹ dá eré òwúrọ̀ àìjẹun dúró títí ẹ ó fi rí dókítà tó kọ oògùn náà, kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ ọ́ fún wa. Bí ó bá tún gbọ̀n kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ dúró, ẹ fi ṣúgà sẹ́nu lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì jẹun lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Ẹ ṣeun, Màmá. Ó ku ti alẹ́. Eré wa kì í parí kí aago tó kọjá 5 ààbọ̀, oúnjẹ kì í sì í wù mí títí di aago 8.

Olùkọ́ Eré Sísá

Ibí yìí gan-an ni mo rò pé ìṣòro yín fìdí múlẹ̀ sí jù. Láti ìparí bọ́ọ̀lù títí di aago 6 òwúrọ̀, wákàtí 12 péré ni ẹ ní, ẹ ó sì fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sùn. Iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo máa ń gba oúnjẹ kíákíá ní wákàtí méjì àkọ́kọ́. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ kankan ní ọjọ́ kejì lè fi sùúrù jẹun, torí ìṣúra rẹ̀ á kún padà lọ́nàkọnà. Ẹ̀yin kò ní àyè yẹn. Tíì àti búrẹ́dì díẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta ohun tí ẹ ti ná.

Nígbà tí oúnjẹ kò bá wù yín, ẹ mu ún. Láàárín ìdajì wákàtí tí eré parí, ẹ mu ògì tó fúyẹ́ tí ẹ fi ṣúgà àti mílíìkì sí, kí ẹ sì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì lé e. Ní aago 7 ààbọ̀, ẹ wá jẹ àmàlà yín, ó ti di àkókò tirẹ̀! Ẹ bu ú kí ó pọ̀, ẹ fi ewédú àti ẹja tútù tó tó àtẹ́lẹwọ́ yín jẹ ẹ́. Ẹja bẹ́ẹ̀ máa ń ní nǹkan bí 20 gíráàmù nínú ohun tí ń tún iṣan ṣe, ẹyin mẹ́rin náà sì lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Gbẹ̀gìrì kí ó dúró de ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ní aago 5 òwúrọ̀, búrẹ́dì ègé méjì tàbí ẹ̀kọ kan pẹ̀lú ṣúgà tó, torí ìṣúra inú ẹ̀dọ̀ ni oorun ń dínkù, iṣan yín kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ pàdánù. Ẹ kó dàbínò bíi mẹ́wàá sápò, kí ẹ máa jẹ wọn ní méjì-méjì bí ẹ bá ti sáré 40 ìṣẹ́jú.

Asáré-Dé-Òkun

Olùkọ́, mo gba gbogbo rẹ̀, àfi mílíìkì. Èmi tí mo sáré máràtọ́ọ̀nì Èkó láti Sùúrùlérè dé etí òkun, mílíìkì lẹ́yìn eré kò jẹ́ kí n gbádùn rí, ìgbẹ́ gbuuru ni ó máa ń fún mi.

Ọ̀rọ̀ mi gan-an lórí omi ni. Wọ́n ti bá mi sọ ọ́ pé kí n mu omi ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń pín in, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀, òùngbẹ gbẹ mí tàbí kò gbẹ mí. Nígbà tí mo fi dé ìdajì ọ̀nà, òrùka mi kò yí mọ́ ní ìka mi, orí ń fọ́ mi, èébì sì ń gbé mi. Ẹni tó ń tọ́jú wa rò pé omi ló gbẹ lára mi, ó tún fún mi ní méjì sí i. Nọ́ọ̀sì kan ni ó gbé mi sórí ìwọ̀n nígbà tí mo parí, mo sì ti fi kìlógíráàmù kan wúwo ju ìgbà tí mo kúrò nílé lọ. Omi ti pọ̀ jù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ mi sì ti là. Ọmọ Mọ́kọ́lá, ẹ wọn ara yín ṣáájú eré àti lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá wúwo sí i, ẹ ti mu jù.

Olùkọ́ Eré Sísá

Ẹ kú ewu. Ìwọ̀n yẹn ni mo gbàgbé láti mẹ́nu bà. Bí ẹ bá wọ̀n 70 kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì wọ̀n 68.6 lẹ́yìn rẹ̀, lítà kan lé díẹ̀ ni ó kúrò lára yín, ẹ ó sì nílò nǹkan bíi lítà méjì ní gbogbo alẹ́ yẹn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní iyọ̀, nítorí ẹ ó tọ díẹ̀ nù nínú rẹ̀. Nípa mílíìkì, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní ilẹ̀ wa ni ikùn wọn kì í gbà á. Ẹ fi ẹyin dípò rẹ̀.

Àyìnlá Wíńgà

Iyọ̀ yìí, ṣé kò ní jẹ́ kí iṣan máa fà pa ni? Gbogbo ẹgbẹ́ wa ló ń lá a.

Olùkọ́ Eré Sísá

Lórí ìyẹn, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò. Mo ti rí ẹni tí aṣọ rẹ̀ funfun fún iyọ̀ tí iṣan rẹ̀ ń fà, tí iyọ̀ sì ràn án lọ́wọ́. Mo tún ti rí ọ̀pọ̀ tó jẹ́ pé àárẹ̀ iṣan ló fà á, tí nínà rẹ̀ sì tó.

Ará Ìlọrin

Ẹ̀yin àgbà, mo ní ìbéèrè tèmi. Nínú oṣù ààwẹ̀, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni àwa máa ń gbá bọ́ọ̀lù, ìṣínu sì kù ju wákàtí kan lọ. Kò sí àyè oúnjẹ ọ̀sán fún mi rárá. Sààrì ni mo ń gbẹ́kẹ̀ lé, gbogbo rẹ̀ á sì ti tán kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ Eré Sísá

Kò sí oúnjẹ sààrì tí yóò gbé yín dé aago 5 pẹ̀lú okun pípé, mi ò ní parọ́ fún yín. Iyán tàbí ìrẹsì ní alẹ́, sààrì ní ìparí àkókò rẹ̀, ìyẹn lè dín ìyà kù. Ohun tó lè yanjú rẹ̀ ni kí ẹ sún eré sí ẹ̀yìn ìṣínu. Ní England, ní oṣù kẹrin 2021, Leicester àti Crystal Palace gbà kí eré wọn dúró díẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú kí Wesley Fofana àti Cheikhou Kouyaté lè ṣínu. Tí àwọn yẹn bá lè dúró, ẹ lè bá ọ̀gá ẹgbẹ́ yín sọ ọ́.

Ará Ìlọrin

Mo ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Iná kò sí ní pápá wa.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Sátidé méjì ti kọjá. Ní àkọ́kọ́, mo jẹ ìrẹsì ní aago 12 ààbọ̀, mo sì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì ní aago 3. Inú kò run mí. Ẹsẹ̀ mi ṣì wúwo díẹ̀ nígbà tó kù bí 15 ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n mo rántí pé n kò jẹun dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì po omi ṣúgà náà fún ìgbà ìsinmi. Mo sáré bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn dé orí ìlà, ẹni tó ń ṣọ́ mi kò sì lè bá mi.

Nípa ti alẹ́, ògì wọlé, àmàlà náà wọlé. Ìwọ̀n mi ti jẹ́ 70.3 kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ 68.9 nígbà tí a parí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo sáré kìlómítà 17 láìrìn. Ní ìkẹtàdínlógún ni àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún mi bó, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ bàtà. Dàbínò mẹ́rin ṣì wà nínú àpò mi.